Rọ́bà ọ̀kadà tó ń dẹ̀: àwòṣe Máàsìwẹ̀lì tàbí ti Fọ́ìtì?

Ìbéèrè: Rọ́bà tí mo fi di ẹrù mọ́ ọ̀kadà ní Bódìjà ti máa ń dẹ̀ kí n tó dé Mọ́kọ́lá, bẹ́ẹ̀ gígùn rẹ̀ kò yí padà. Àwòṣe wo ló ṣàlàyé rẹ̀?

Ìdáhùn: Àwòṣe Máàsìwẹ̀lì ni, nítorí pé nínú rẹ̀ ni agbára ìfà ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí gígùn dúró lójú kan.

Àwòṣe yìí so sípíríǹgì kan mọ́ ìdí pístìn kan tó ń rìn nínú òróró, bí ti ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Bí a bá fa méjèèjì tí a sì dì wọ́n mú, sípíríǹgì ló kọ́kọ́ gùn; lẹ́yìn náà ni pístìn ń yọ díẹ̀díẹ̀, tí sípíríǹgì ń sún kì, tí agbára sì ń dínkù báyìí: σ = σ₀e^(−t/τ). σ ni agbára ìfà lẹ́yìn àkókò t, σ₀ sì ni ti ìbẹ̀rẹ̀. τ ni àkókò tó ń sọ bí ìdẹ̀ náà ṣe yá tó: ìki òróró tí a fi líle sípíríǹgì pín. Ká ní ìfà àkọ́kọ́ jẹ́ niutọ́ọ̀nù 100, tí τ jẹ́ ìṣẹ́jú 10, yóò ku bíi 37 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 náà.

Fọ́ìtì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí gígùn bá dúró, pístìn kò rìn, sípíríǹgì kò sì dẹ̀, nítorí náà kò bá ìbéèrè yìí mu rárá. Ibi tó ti wúlò ni ìgbà tí a bá sọ ẹrù tó fa rọ́bà gùn kalẹ̀: bí ó bá ti gùn sí i ní milimítà 8, bíi 3 ni yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn τ kan, yóò sì máa padà lọ bẹ́ẹ̀. Máàsìwẹ̀lì kò lè ṣe èyí, torí ohun tí pístìn tirẹ̀ bá ti yọ kì í padà.

Rọ́bà gidi ń ṣe méjèèjì, τ kan ṣoṣo kì í sì í tó o. Ooru ọ̀sán a tún máa dín τ kù.