Ìrẹsì òde ìgbéyàwó tó sùn sínú ọkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. A lọ síbi ìgbéyàwó kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa jẹ ìrẹsì níbẹ̀, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n bù fún wa sínú kúlà, àmọ́ nígbà tá a fi dé Èkó, ó ti rẹ̀ wá, oúnjẹ náà sì sùn sínú búùtù. Láàárọ̀, mo gbé e kaná títí ó fi gbóná janjan, kò sì rùn. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí èmi àtàwọn ọmọ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bàbá wọn jẹ ẹ̀bà ní tiẹ̀, ara rẹ̀ le. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n ti ṣe wá lóde ni. Kí ló dé tí iná ò pa á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ẹnikẹ́ni ò ṣe yín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń bá ìrẹsì wá látinú oko, Bàsílọ́ọ̀sì Sẹ́rẹ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀. Inú èèpo líle kan tí omi híhó kì í sábà ràn ló máa ń wà, kódà tí ìrẹsì bá ń hó. Tí oúnjẹ bá wá lọ wọ́ọ́rọ́, á jí, á máa bí sí i. Kúlà ló bá a ṣe é: kò jẹ́ kí ìrẹsì tètè tutù, kò sì jẹ́ kó gbóná tó.

Ibi tó ń bí sí i yẹn ló ti ń tu májèlé sínú oúnjẹ. Iná yín pa kòkòrò náà lóòótọ́, àmọ́ májèlé tó ti fi sílẹ̀ kì í gbọ́ tiná, kì í sì í rùn. Láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí 6 ló máa ń mú èèyàn bì. Ká ní inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló dé lálẹ́, ẹran ni mi ò bá kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò kan láti ọwọ́ ẹni tó bu oúnjẹ náà lè ṣe irú èyí, àyẹ̀wò ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni.

Èébì náà sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín wákàtí 24. Ẹ po ṣúgà ṣíbí ìpotíì 6 tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì kan náà, sínú omi mímọ́ lítà kan. Tí ọmọ bá bì, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò tọ̀ fún wákàtí 6, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni kíá.

Kódà ká ní ẹ gbé e sí fíríìjì lálẹ́ yẹn, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Wákàtí 2 péré ló yẹ kí ìrẹsì sísè lò lẹ́yìn tó kúrò lórí iná kó tó wọ fíríìjì, ìyẹn gan-an sì ti kọjá kẹ́ ẹ tó kúrò n'Íbàdàn. Tó bá ṣẹ́ kù nínú kúlà, ẹ dà á nù, ẹ má fún ajá.