Títúmọ̀ ìwé èsì láàbù láti inú fọ́tò láìda òpó rẹ̀ pọ̀

*“Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n fi fọ́tò ìwé èsì àyẹ̀wò kídìnrín Àlàájà ìyá wa ránṣẹ́ sí mi láti Ìlọrin, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá wa tí òṣùwọ̀n, gbèdéke àti àkíyèsí kò fi ní dàrú mọ́ ara wọn?”*

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú Àlàájà, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ fa òpó márùn-ún sórí ìwé: orúkọ àyẹ̀wò, èsì, òṣùwọ̀n, gbèdéke tó ń sọ ibi tí iye tó wà déédéé ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àti àkíyèsí. Orúkọ àyẹ̀wò àti àkíyèsí nìkan ni ẹ ó túmọ̀. Èsì, òṣùwọ̀n àti gbèdéke, ńṣe ni ẹ ó dà wọ́n kọ gẹ́lẹ́ bí láàbù ṣe kọ wọ́n, títí kan póìǹtì tó wà láàárín nọ́ńbà. Ní ti fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé a máa ń tẹ́ ìwé pẹrẹsẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ òpó báyìí ni ohun tí ojú wa rí nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn. Láàbù kan ní Ọ̀fà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kiriatíníìnì wọn, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín máa ń sẹ́ dànù, sì jẹ́ 1.1. Òṣùwọ̀n tí láàbù náà lò ni mg/dL, gbèdéke tó sì kọ fún obìnrin ni 0.6 sí 1.1. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a lọ tún un ṣe ní Ìlọrin, ìwé tuntun sì gbé 97 jáde. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Òmù-Àrán tó ń túmọ̀ èsì fún àwọn àgbà kọ 97 yìí sí ìsàlẹ̀ 1.1 ti tẹ́lẹ̀, kò kọ òṣùwọ̀n rárá, ó sì fi gbèdéke ìwé ti Ọ̀fà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé kídìnrín ti parí iṣẹ́. Ìyẹn gan-an sì ni gbogbo ilé gbà: àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ti ń dá owó ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ jọ, ìyá mi fúnra wọn kò fẹ́ jẹun mọ́, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó yí padà. Láàbù ti Ìlọrin ń lo µmol/L, gbèdéke tirẹ̀ sì ni 53 sí 97. Ní ti kiriatíníìnì, 1 mg/dL jẹ́ 88.4 µmol/L. Bí ẹ bá fi 88.4 sọ 1.1 di púpọ̀, nǹkan bí 97 ni yóò fún yín. Iye kan náà ni, ó wà ní etí gbèdéke lókè nínú ìwé méjèèjì, òṣùwọ̀n nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tí mo bi ẹni tó jókòó ní ojú fèrèsé láàbù léèrè, ó ní dókítà ni yóò ṣàlàyé. Dókítà ní tirẹ̀ wo ìwé náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo aago, ó ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ẹnì kan nínú wọn ì bá ti tó, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́.

Nítorí náà, inú ìwé kan náà àti orí ìlà kan náà ni kí ẹ ti mú gbèdéke tí ẹ ó kọ síwájú èsì. Ẹ má mú un láti inú ìwé àtijọ́, ẹ má sì wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ó ń yí padà láti láàbù sí láàbù, ó sì lè yàtọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, fún ọmọdé àti àgbà. Ẹ má sì yí òṣùwọ̀n kan sí òmíràn fún bàbá yín: 88.4 tí mo dárúkọ yẹn, ti kiriatíníìnì nìkan ni. Ní ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, 1 mmol/L ló jẹ́ nǹkan bí 18 mg/dL. Àmì µ ló tún ń kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Àwọn tí kò rí i lórí fóònù wọn máa ń fi m rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mmol fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju µmol lọ. Bí láàbù bá kọ umol/L, ohun kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹ dà á kọ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ìlà méjì nínú ìwé ìyá mi ṣe yẹ kó rí:

```
Kiriatíníìnì | 97  | µmol/L | 53–97   | (òfo)
Pòtásíọ̀mù   | 6.1 | mmol/L | 3.5–5.0 | H; wo ìsàlẹ̀ ìwé
```

Lẹ́tà H yẹn túmọ̀ sí pé iye náà ga ju gbèdéke lọ, L sì túmọ̀ sí pé ó rẹlẹ̀. Ẹ má kọ “ó burú”, nítorí láàbù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí L yìí bá L tó wà nínú mmol/L pàdé, nítorí lítà ni ti òṣùwọ̀n.

“Wo ìsàlẹ̀ ìwé” tí ẹ rí yẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Àkíyèsí kan wà ní ìsàlẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ti fọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà, kí a gba òmíràn. Mọ̀lẹ́bí wa yẹn kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ni láàbù ń sọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú ara aláìsàn. Pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí sẹ́ẹ̀lì bá sì fọ́ nígbà tí wọ́n ń fi sírínjì fa ẹ̀jẹ̀ tipátipá tàbí tí wọ́n ń mi ìgò, yóò tú jáde, iye tí ẹ̀rọ máa kà yóò sì ga ju ti ara lọ. Nítorí náà, nínú òpó àkíyèsí, ẹ máa kọ ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ ń bá wí: ìgò ni, àbí aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sọ fún bàbá yín pé kò sí ewu. Pòtásíọ̀mù tó ga lóòótọ́ lè da ìlù ọkàn rú, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe dókítà, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Tí ẹ bá rí ìlà tí kò ní èsì, bóyá nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, ẹ kọ “òfo” síbẹ̀. Bí ẹ bá fò ó, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yóò gòkè bọ́ sí iwájú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, sódíọ̀mù lè wá gba nọ́ńbà yúríà. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti apá òsì dé apá ọ̀tún, kí ẹlòmíràn máa ka fọ́tò sókè fún yín. Ẹ kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ti Yorùbá, kí ẹ sì fi fọ́tò náà mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń gbé e fún bàbá yín, kí dókítà tó bá gbà á lọ́wọ́ wọn lè bá a wé ti láàbù.