Iyán tàbí ìrẹsì fún àlejò tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, mà. Àfẹ́sọ́nà ọmọkùnrin mi ń bọ̀ wá kí wa ní Kàbà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà rárá, ọmọ mi ní ó ti gbé e dé ọsibítù rí. Àwa mẹ́fà la máa jẹun alẹ́. Ọkọ mi ní kí n kàn se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata kí ọkàn wa lè balẹ̀, ṣùgbọ́n ojú á tì mí bí ìyàwó ọmọ mi bá wọlé tí n kò gún iyán fún un. Kí ni mo lè sè tó máa dùn, tí kò ní ṣe é ní jàǹbá? Ṣé ẹ̀wà náà kò léwu?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, màmá. Ẹ gún iyán yín. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò léwu tó ìrẹsì tí bàbá ń wí. Kò sí ẹ̀pà nínú ìrẹsì lóòótọ́, àmọ́ òróró wo lẹ máa fi dín ata, níbo lẹ sì ti máa lọ̀ ọ́? Nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn, kì í ṣe ẹ̀pà tí ojú ń rí ló máa ń mú àwọn èèyàn. Ta ni kò ní mọ ẹ̀pà sísè tàbí kúlíkúlí? Èyí tó wọ inú oúnjẹ mìíràn láìjẹ́ pé ẹnì kankan pe orúkọ rẹ̀ ló ń ṣọṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òróró bẹ̀rẹ̀. Purotíìnì inú ẹ̀pà ni ara àwọn èèyàn wọ̀nyí ń bá jà. Òróró ẹ̀pà tí ilé iṣẹ́ ńlá fọ̀ tó sì sẹ́ dáadáa kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní purotíìnì kankan mọ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ fún nígbà tí wọ́n ń ṣe kúlíkúlí kò rí bẹ́ẹ̀: ó máa ń ṣú díẹ̀, òórùn ẹ̀pà wà lára rẹ̀, purotíìnì sì wà níbẹ̀. Òróró tí a ń rà ní ìwọ̀n láti inú kẹ́ẹ̀gì lọ́jà kò ní ìwé kankan lára, ẹni tó ń tà á pàápàá lè má mọ ohun tí wọ́n pò pọ̀. Nítorí náà, epo pupa ni kí ẹ fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí nǹkan kan bá gba òróró dandan, ẹ ra èyí tó wà nínú ike tí wọ́n dì pa, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀wà sóyà tàbí èso ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe é. Òróró tí ẹ ti fi dín nǹkan tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sápá kan.

Ẹ̀rọ ìlọta ni ibi kejì, òun gan-an ló sì yẹ kí ẹ fiyè sí jù. Ẹ ti dúró lórí ìlà níbẹ̀ rí. Ẹni tó wà níwájú yín gbé ẹ̀pà yíyan wá, wọ́n lọ̀ ọ́ tán, wọ́n da omi díẹ̀ sí i tàbí kí wọ́n fọwọ́ nu ẹnu ẹ̀rọ, ó kan yín. Ohun tó ṣẹ́kù láàárín ọmọ ẹ̀rọ méjèèjì, inú ata yín ló ń jáde sí. Sísè kì í pa purotíìnì yìí, yíyan tiẹ̀ máa ń mú kó le sí i. Ẹ má gbára lé pé ọbẹ̀ á pẹ́ lórí iná.

Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má rà á. Àwọn kan máa ń po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn kó lè pọ̀, nítorí ẹ̀gúsí wọ́n ju ẹ̀pà lọ. Bí ó bá ti di ìyẹ̀fun, ojú kò lè yà á, imú náà kò ṣeé gbára lé. Ẹ ra ẹ̀gúsí olódidi, kí ẹ sì ṣà á lórí atẹ funfun, nítorí agbọ̀n kan náà ni àwọn alátẹ fi ń wọn ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà. Bí ẹ bá rí èyí tí kò tíì bó, ẹ bó o nílé. Iṣẹ́ ni, àmọ́ àwọn ọmọ wà nílé. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a kó gbẹ.

Ilé lẹ ti máa lọ̀ ọ́, àti ata, àti àlùbọ́sà. Ẹ tú bílẹ́ńdà yín sílẹ̀: ẹ yọ abẹ rẹ̀, kí ẹ sì yọ rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ abẹ náà, nítorí abẹ́ rọ́bà yẹn ni ẹ̀pà oṣù tó kọjá máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn tuntun fọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọlọ tí ẹ ti fi lọ ẹ̀pà rí, ẹ má lò ó fún oúnjẹ yìí. Ojú ọlọ kún fún ihò kéékèèké tí ọṣẹ kì í dé inú wọn. Odó iyán kò ní wàhálà bí ó bá jẹ́ pé iyán nìkan lẹ ń gún nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Ẹnì kan lè ti fi gún kúlíkúlí tí wọ́n fẹ́ mu gàrí.

Ní báyìí, oúnjẹ fúnra rẹ̀. Fún èèyàn mẹ́fà, ife ẹ̀gúsí mẹ́ta á tó. Ẹ po ẹ̀gúsí lílọ̀ náà pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà lílọ̀ àti omi díẹ̀ títí á fi ki, kò gbọ́dọ̀ ṣàn. Ẹ jẹ́ kí epo gbóná, ẹ da ata sí i, ẹ jẹ́ kó dín títí epo á fi léfòó, kí ẹ tó da omi ẹran àti irú sí i. Nígbà tó bá ń hó, ẹ fi ṣíbí ju ẹ̀gúsí sínú rẹ̀ ní kókó kókó, ẹ dé e, ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ro ó kó tó dì, yóò fọ́nká, ọbẹ̀ á sì dà bí omi. Ẹja gbígbẹ Lọ́kọ́ja tí ẹ ti fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewúro tí ẹ ti fọ̀. Mágì tí ẹ bá máa lò, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa jẹ ìyẹn pẹ̀lú iyán tí á rántí pé wọ́n yọ nǹkan kan kúrò.

Ẹran yíyan ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú iyán, nítorí òun ni irú àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í lè jẹ níta. Kúlíkúlí gígún ni ìdí yàjì, nítorí náà sùyà àti kílíṣí kò ṣeé rà wálé lọ́jọ́ náà rárá, títí kan èyí tí wọ́n ní “kò ní yàjì”, nítorí orí irin kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń yan. Ẹ ṣe yàjì tiyín. Iṣẹ́ tí kúlíkúlí ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń mú kí ata lẹ̀ mọ́ ẹran, ó sì ń fún un ní ọ̀rá. Gúgúrú lè ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ yan án fúnra yín láìfi òróró sí i (ẹ má ra ti ojú títì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń tà pẹ̀lú gúgúrú), ẹ lọ̀ ọ́ ní bílẹ́ńdà, ẹ sì sẹ́ ẹ. Fún ẹran kílò kan, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin nínú rẹ̀ tó. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun ata gígún kan sí i, ṣíbí tíì méjì atalẹ̀ gbígbẹ tí ẹ lọ̀, kànáfùrù lílọ̀ díẹ̀ ní ṣóńṣó ṣíbí, èèpo ẹ̀ẹ̀rù kan tí ẹ ti yọ kóró inú rẹ̀ kó má baà korò, àti ṣíbí tíì iyọ̀ kan. Ẹ gé ẹran pẹlẹbẹ, ẹ fi epo pupa díẹ̀ pa á lára, ìyẹn ni yóò rọ́pò ọ̀rá kúlíkúlí, kí ẹ tó yí i nínú yàjì. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gúgúrú máa ń tètè jó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí iná rọlẹ̀.

Ẹ̀wà tí ẹ béèrè: ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀pà, irú náà wà nínú ìdílé yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ara wọn kò gba ẹ̀pà ló ń jẹ ẹ̀wà láìsí wàhálà. Ẹ ní kí ọmọ yín bi í bóyá ó ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín, àkàrà àti irú tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń jẹ wọ́n, ẹ se mọ́ínmọ́ín kún un. Bí kò bá jẹ ẹ̀wà rí, tábìlì ìyá ọkọ kọ́ ló ti yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kí ó tún béèrè nípa kajú àti yánmọ̀tí. Kajú pọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé ọwọ́ á fẹ́ bù ú síwájú àlejò, àmọ́ àwọn kan wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà tó sì kọ kajú pẹ̀lú. Bí kò bá tíì dáhùn, ẹ fi ọ̀pẹ òyìnbó àti sóbò alátalẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ bu oúnjẹ rẹ̀ kí ẹ tó bu ti ẹnikẹ́ni. Ọmọdé tó bá ti jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ yẹn gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọwọ́. Omi lásán kò tó, oje ìfọwọ́ tí kò gba omi yẹn kì í sì ṣí ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. Bí àlejò mìíràn bá gbé kẹ́ẹ̀kì tàbí ṣìnṣín wá, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e wọ yàrá.

Ẹ bi í tẹ́lẹ̀ bóyá ó ní abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì tirẹ̀, ibo ló ń fi sí, àti báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ẹ̀pà bá ṣèèṣì dé ẹnu rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì ni ara sábà máa ń fi hàn: ara á sú, á máa yún, ètè tàbí ojú á wú, èébì á máa gbé e. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tí ó ń mí pẹ̀lú agbára, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, abẹ́rẹ́ yẹn ni kí ó gún lójú ẹsẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ itan lápá òde. Oògùn ara yíyún kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, tàbí kó jókòó bí èémí bá ń le fún un, kó má sì dìde rìn. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu bí ẹni tó jẹ májèlé: kò ní ràn án lọ́wọ́, ó sì lè gbà á lọ́fun. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù bí ara rẹ̀ tilẹ̀ rọlẹ̀, nítorí ó lè padà dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń bọ̀, kí ẹ tó gbé iṣu kaná, ẹ pe ọsibítù tó súnmọ́ yín jù, ẹ bi wọ́n bóyá adirẹnalíìnì wà nílẹ̀ àti bóyá dókítà máa wà lálẹ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ wá òmíràn tó ní in, kí ẹ sì rí i pé epo wà nínú ọkọ̀.