Orúkọ àkáǹtì mi kò bá ti CAC mu

Ìbéèrè: Mo fẹ́ máa ta àdìrẹ lórí ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. CAC mi ti jáde, àmọ́ wọ́n ní àkáǹtì tí mo fi sílẹ̀ kò bá a mu. Àkáǹtì ara mi ni. Nọ́ńbà owó orí wo ni kí n sì kọ?

Ìdáhùn: Tí ẹ bá ti yan “Business” nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ iṣẹ́ yín ni wọ́n máa wá lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ tí bàbá yín sọ yín. Ẹ mú sátífíkéètì CAC, Status Report, NIN àti BVN lọ sí báńkì, kí wọ́n ṣí àkáǹtì lórúkọ iṣẹ́ náà. Àwọn báńkì kan á tún béèrè bíìlì iná.

Kí ẹ tó fi nọ́ńbà tuntun náà sílẹ̀, ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí i. Orúkọ tó bá yọ lójú fóònù ni ọjà náà máa rí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sátífíkéètì, kí ẹ kà á lẹ́tà lẹ́tà. Bí CAC bá kọ “Ventures”, ẹ má kọ “Ltd”. Iléeṣẹ́ tó ní nọ́ńbà RC ló ni “Ltd”. Ó jọ pé BN, ìyẹn nọ́ńbà orúkọ iṣẹ́ lásán, ni tiyín.

Tó bá jẹ́ BN, ẹ̀yin àti iṣẹ́ yín, ẹnì kan náà ni lójú òfin. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí lórí èrè rẹ̀. Láti 2026 sì ni NIN ti di Tax ID ẹnìkọ̀ọ̀kan, torí náà NIN yín ni kí ẹ kọ síbi nọ́ńbà owó orí.