Igun tó wà láàárín: ìdáhùn fún ìyá kan ní Òkè-Baálẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi wà ní SS1 níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ya onígun mẹ́ta méjì fún wọn, ABC àti PQR. AC àti PR jẹ́ 5 cm, BC àti QR jẹ́ 8 cm, igun B àti igun Q jẹ́ 30°. Wọ́n ní ṣé èyí tó láti fi hàn pé méjèèjì bára mu. Ọmọ mi kọ “bẹ́ẹ̀ ni, SAS”, wọ́n fàgi lé e. Èmi fúnra mi fi rúlà wọ̀n wọ́n nínú ìwé ìbéèrè, wọ́n dọ́gba! Ní nọ́ńbà kejì, ìlà KM àti ìlà LN gba ara wọn kọjá ní O. KO àti MO jẹ́ 6 cm, igun K àti igun M jẹ́ 50°. Ó kọ pé KL = MN torí bó ṣe rí lójú nìyẹn, ó sì parí rẹ̀ sí △OKL ≡ △ONM. Máàkì 2 nínú 5 ni wọ́n fún un. Kí ló ṣì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Mo kọ́kọ́ jókòó ya àwòrán méjèèjì bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ kí n tó mú bírò. Nọ́ńbà kìíní ni n óò pẹ́ lórí rẹ̀, torí àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni mo ń bá pàdé jù nínú ìwé àwọn ọmọ, títí kan àwọn tí ìṣirò ń dùn mọ́.

SAS túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, igun, ẹ̀gbẹ́. Wọn kò ṣàdédé tò ó bẹ́ẹ̀. Igun yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí wọ́n ti pàdé, bí ojú méjèèjì àlùmọ́gàjí ṣe pàdé níbi ìṣó rẹ̀. Bí ẹ bá mọ gígùn ojú àlùmọ́gàjí méjèèjì, tí ẹ sì mọ bó ṣe là tó, àyè tó wà láàárín ẹnu wọn kò lè yí padà mọ́. Ìdí tí SAS fi ń dúró nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fún ọmọ yín ni AC àti BC. Lẹ́tà wo ló wà nínú méjèèjì? C ni. Nítorí náà igun C ló wà láàárín wọn. Igun B kọ́. Igun B wà ní ìparí BC lódìkejì, ó sì kọjú sí AC. Ẹ jẹ́ kó mú àṣà yìí: kó tó kọ SAS, kó wá lẹ́tà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jọ ní, kó wá wò ó bóyá igun tí wọ́n fún un wà ní lẹ́tà yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, SSA ló ní lọ́wọ́, SSA kò sì tó.

Kí ló dé tí kò fi tó? Ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Ẹ mú ìwé funfun kan, rúlà, pùrótírátọ̀ àti kọ́ńpáàsì ọmọ náà, kí ẹ jọ yà á. Ẹ fa ìlà gígùn kan, bíi 12 cm, kí ẹ pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní B. Ní B, ẹ fi pùrótírátọ̀ wọn 30°, kí ẹ fa ìlà kejì lọ sókè, kí ẹ sì sàmì sí i ní 8 cm. Ibẹ̀ ni C. A ti ní igun B, a ti ní BC. Ó ku AC tó jẹ́ 5 cm. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì sí 5 cm lójú rúlà, ẹ fi ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sórí C, kí ẹ wá yí pẹ́ńsù rẹ̀ wá sórí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ rọra ṣe é, kí ẹ má gbé e sókè kó tó yí tán. Ẹ ó rí i pé ó gé ìlà náà níbi méjì: ọ̀kan kò tó 4 cm sí B, èkejì sì sún mọ́ 10 cm.

Èwo wá ni A nínú méjèèjì? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Bí ẹ bá so ti àkọ́kọ́ mọ́ C, onígun mẹ́ta kékeré kan jáde, tí igun rẹ̀ ní A là gbayawu, ó ju 90° lọ dáadáa. Bí ẹ bá so ti ìkejì mọ́ C, èyí tó fẹ̀ gan-an jáde. Ẹ wá wọ̀n ọ́n: méjèèjì ní AC tó jẹ́ 5 cm, BC tó jẹ́ 8 cm, àti igun B tó jẹ́ 30°. Gbogbo ohun tí ìbéèrè sọ ni méjèèjì ní, síbẹ̀ ẹ kò lè gbé ọ̀kan lé èkejì kó bò ó. Ó ṣeé ṣe kí ABC jẹ́ èyí kékeré, kí PQR sì jẹ́ èyí ńlá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fàgi lé e.

Fún ọmọ tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀: láti C, ẹ fa ìlà kan tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà sórí ìlà ìsàlẹ̀, kó ṣe igun 90° pẹ̀lú rẹ̀. Torí pé igun B jẹ́ 30°, gígùn ìlà yẹn jẹ́ ìdajì BC, ìyẹn 4 cm. Ẹ̀gbẹ́ wa tó jẹ́ 5 cm gùn jù 4 cm lọ, nítorí náà kò lè balẹ̀ tààrà. Ó gbọ́dọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì lè fì sí òsì tàbí sí ọ̀tún, 3 cm sí ibi tí ìlà tààrà yẹn ti kan ilẹ̀. Bí AC bá jẹ́ 4 cm gẹ́lẹ́, ibì kan ṣoṣo ni kọ́ńpáàsì máa fara kàn. Bí AC bá sì tó 8 cm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní sí A kejì mọ́, torí ibi tí kọ́ńpáàsì máa gé lápá òsì máa bọ́ sórí B fúnra rẹ̀ tàbí kó kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú èyí tí kì í ṣìnà ni wọ́n fi sínú sílábọ́ọ̀sì, òun ni RHS: bí igun tí wọ́n fún wa bá jẹ́ 90°, tí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i sì dọ́gba nínú méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan mìíràn, ó tó. Kọ́ńpáàsì á ṣì gé ìlà níbi méjì, àmọ́ ọ̀kan á wà ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún, bíi àwòrán ẹnìkan nínú dígí. Bíbára mu kò kọ ìyẹn. Ẹ wo àwọn aláàdìrẹ ìlú wa, tí wọ́n ń ṣẹ́ aṣọ po sí méjì kí wọ́n tó rán an tàbí kí wọ́n dì í. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ọnà apá òsì àti ti ọ̀tún kọjú síra, ṣùgbọ́n bí o bá tún un ṣẹ́ po, wọ́n á bo ara wọn rẹ́gí. Onígun mẹ́ta tí a dojú rẹ̀ dé ṣì bá èkejì mu.

Ní ti rúlà tí ẹ fi wọ̀n ọ́n, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbèjà ọmọ ni. Ṣùgbọ́n àwòrán inú ìwé ìbéèrè, ẹni tó yà á kàn fẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ni. Ó lè ya méjèèjì bákan náà kó má sì ní ìdí kankan. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ nìkan la lè lò: nọ́ńbà, ààmì gé kékeré lórí ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba, ìlà kọrọdọ nínú igun tó dọ́gba, àpótí kékeré níbi igun 90°, ọfà lórí ìlà tó ń bá ara wọn lọ láìní pàdé. Ohun díẹ̀ ni ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ mú nínú àwòrán láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́, bíi ẹ̀gbẹ́ tàbí igun tí onígun mẹ́ta méjèèjì jọ ń lò, àti igun tó kọjú síra níbi tí ìlà tààrà méjì ti gba ara wọn kọjá.

Ìkejì yẹn ló sì sọnù nínú nọ́ńbà kejì ọmọ yín. KM àti LN gba ara wọn kọjá ní O, nítorí náà igun KOL àti igun MON dọ́gba, ẹnikẹ́ni kò nílò láti sọ ọ́. Ohun mẹ́ta pé lọ́wọ́ wa. Bó ṣe yẹ kó kọ ọ́ rèé:

Nínú △OKL àti △OMN:
KO = MO = 6 cm (wọ́n fún wa)
∠OKL = ∠OMN = 50° (wọ́n fún wa)
∠KOL = ∠MON (igun tó kọjú síra)
Nítorí náà △OKL ≡ △OMN (ASA)

ASA ni, torí ẹ̀gbẹ́ KO wà láàárín igun K àti igun O. Lẹ́tà tó wà ní ìparí ẹ̀gbẹ́ náà méjèèjì, K àti O, ni lẹ́tà igun tí a lò. Kó má gbàgbé láti kọ ìdí sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, torí máàkì ń bẹ lórí ìdí.

KL = MN tó kọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí a bá ti fi hàn pé méjèèjì bára mu la tó mọ̀ ọ́n. Bó bá kọ́kọ́ lò ó, ó ti fi ohun tó ń wá ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀.

Ó ku bó ṣe to lẹ́tà. Bí lẹ́tà bá ṣe tò, bẹ́ẹ̀ ni igun ṣe ń bá igun lọ. Lẹ́tà O bá O lọ, K bá M lọ torí méjèèjì jẹ́ 50°, L sì bá N lọ. △OKL ≡ △OMN ló tọ́. Èyí tó kọ, △OKL ≡ △ONM, ń sọ pé K bá N lọ, ìyẹn ni pé OK = ON. Ta ló sọ fún un pé ON jẹ́ 6 cm? Kò síbì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa kọ lẹ́tà onígun mẹ́ta kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́, kó fi ìka tọ́ka sí wọn ní méjì-méjì kó tó fi bírò sí ìlà ìkẹyìn.

Ní ti nọ́ńbà kìíní, ìdáhùn tó lè gba gbogbo máàkì kò gùn: “Kò tó, torí igun B kò sí láàárín AC àti BC.” Bó bá fẹ́ fi kún un, kó kọ ohun tí ì bá mú un tó: bí wọ́n bá tún sọ pé igun C àti igun R dọ́gba, SAS dé nìyẹn; bí wọ́n bá sì sọ pé AB = PQ, SSS ni.