Kì í ṣe ooru oòrùn ló ń mú ayé sáré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá kan tó ń ta àgbo ní Tákié sọ pé nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ayé máa ń sún mọ́ oòrùn, ooru rẹ̀ á wá fún un lágbára láti sáré, pé eré yẹn ló ń mú òòyì kọ́ mi. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má ra àgbo yẹn, ìyá wa. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni wọ́n ti ń bi mí ní irú èyí, ó sì ti ń bí mi nínú. Òótọ́ ni pé a máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Ṣẹ́rẹ́, òótọ́ sì ni pé ayé ń yára sí i nígbà náà lójú ọ̀nà tó fi ń yí oòrùn ká. Ooru tí wọ́n fi kún un ni irọ́.

Ẹ wo ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò. Bí òkò ṣe ń gòkè ni eré rẹ̀ ń dín kù. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Òòfà ilẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí iná níbẹ̀. Ayé náà ń já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ oòrùn láti Agẹmọ títí di Ṣẹ́rẹ́. Eré tó ń sá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni kò jẹ́ kó kọlù ú. Lẹ́yìn Ṣẹ́rẹ́, ó ń jìnnà padà, òòfà oòrùn sì ń fà á sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀pẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ Èrèlé, bí a ṣe jìnnà sí oòrùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ooru náà sì dọ́gba. Síbẹ̀, ní Ọ̀pẹ̀ eré ayé ń pọ̀ sí i, ní Èrèlé ó ń dín kù. Bó bá jẹ́ ooru ló ń tì í, kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà máa ń ṣìnà níbì kan: wọ́n ní nítorí pé òòfà le sí i nítòsí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí a ti sún mọ́ oòrùn jù lọ gan-an, tí òòfà le jù, eré kò pọ̀ sí i mọ́, nítorí pé fífà náà dábùú ọ̀nà tí ayé ń tọ̀. Kò tì í síwájú, kò fà á sẹ́yìn. Ó kàn ń tẹ ọ̀nà rẹ̀ kọdọrọ ni.

Kẹ́púlà, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ti gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1609: bí a bá fa okùn láti oòrùn dé ara pílánẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n ààyè kan náà ni okùn náà ń gbá kọjá láàárín iye ọjọ́ kan náà. Bí okùn bá kúrú, ó ní láti yára kó tó gbá ààyè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi kàlẹ́ńdà yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 20 Ẹrẹ́nà 2025 dé 22 Ọ̀wẹ́wẹ̀, ayé yí ìdajì oòrùn ká ní ọjọ́ 186. Ìdajì kejì, tó gba Ṣẹ́rẹ́ kọjá, gbà á ní ọjọ́ 179 péré.

Ní ti òòyì yín: eré ayé kò ju kìlómítà 30.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ ní Ṣẹ́rẹ́, 29.3 sì ni ní Agẹmọ. Oṣù mẹ́fà ni ìyàtọ̀ kékeré yẹn fi ń wọlé, a sì jọ ń bá ayé lọ ni; ara kò lè mọ̀ ọ́n. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò lè sọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín ní ilé ìwòsàn lọ́la, ẹ má dúró de Èrèlé.