Àmì yẹ́lò lórí fídíò: ibi tí owó ń gbà lọ

*"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Fídíò tí mo gbé sórí YouTube ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ti ń sún mọ́ 15,000 ìwò, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Àmọ́ àmì dọ́là ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹ́lò, owó tó sì wọlé kò tó nǹkan. Ṣé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé owó mi ni? Ṣé kí n pa á rẹ́ kí n tún un gbé?"*

Ẹ má pa á rẹ́ o. Ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ kí ọwọ́ yín má baà yá jù. Bí ẹ bá pa á rẹ́, 15,000 ìwò yẹn bá a lọ nìyẹn, èyí tí ẹ bá sì tún gbé, ẹ̀rọ kan náà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì tún bá ohun kan náà pàdé nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé owó kankan. Owó tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ṣì wà níbì kan, èèyàn lè gbà á lọ́jọ́ iwájú. Ti yẹ́lò kò rí bẹ́ẹ̀, owó náà kò wọlé rárá ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ jí iṣẹ́ oníṣẹ́ lò, kì í sì í ṣe ìkìlọ̀ tó lè ti ìkànnì yín pa. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni Limited or no ads: ìpolówó díẹ̀, tàbí kó má sí rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lábẹ́ àmì kan ṣoṣo yẹn, èmi sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ṣí fídíò yín, bí ọjà gbànjo ni. Àwọn tó ń polówó ọjà ń dá iye lé àyè ìpolówó yẹn, ẹni tí owó tiẹ̀ bá ga jù ló ń gbé e. Àwọn kan náà ni wọ́n sì láṣẹ láti sọ irú fídíò tí wọn kò fẹ́ kí orúkọ wọn hàn lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ipele mẹ́ta ló wà tí wọ́n lè mú: Expanded inventory, Standard inventory àti Limited inventory. Standard ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹni tí kò bá ní ìdí kan pàtó kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá wo fídíò yín tó ní ẹ̀jẹ̀, ìbúra tàbí ọ̀rọ̀ oògùn olóró pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe fẹ́, ó di yẹ́lò, àwọn tó ń dá owó sì dín kù.

Ọ̀nà méjì nìyẹn ń gbà jẹ owó yín. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìwò ni yóò kọjá láìsí ìpolówó kankan lórí wọn. Ìkejì, àwọn díẹ̀ tí ìpolówó bá wá sórí wọn, iye rẹ̀ á kéré, torí ọjà tí ẹni méjì péré ń ná kì í wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ìkànnì mi dá lórí ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tó fara pa. Fídíò kan wà tí mo ṣe lórí ọrùn-ẹsẹ̀ tó rọ́, àmì dọ́là rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìyẹn èyí tí ìpolówó ń hàn lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ó ní 40,000 ìwò. Nínú wọn, 18,000 ni ìpolówó hàn lórí rẹ̀, àwọn olùpolówó sì san dọ́là 7 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan nínú 18,000 yẹn. Dọ́là 126 nìyẹn. Ìdá 55 nínú 100 ni tiwa nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, nítorí náà ohun tó kù fún mi lé díẹ̀ ní dọ́là 69. Dọ́là 9 tún wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣooṣù fún YouTube Premium. Àpapọ̀ rẹ̀, dọ́là 78.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo fẹ́ kó fa ojú, mo mú apá tí awọ ti bó, mo sún un mọ́ tòsí, mo fi ṣe àwòrán iwájú fídíò. Ó sì fa ojú lóòótọ́! Láàárín ọjọ́ márùn-ún, 26,000 ìwò. Yẹ́lò ni. Ìpolówó hàn lórí 1,300 péré, dọ́là 4 sì ni wọ́n san lórí ẹgbẹ̀rún. Ìyẹn jẹ́ dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì 20, ìpín tèmi nínú rẹ̀ kò pé dọ́là 3. Premium fún mi ní nǹkan bíi dọ́là 6. Ká ní àwọ̀ ewé ni, bí owó fídíò ọrùn-ẹsẹ̀ yẹn ṣe rí, 26,000 ìwò ì bá fún mi ní nǹkan bíi dọ́là 51. Kò tó 9 tí mo rí.

Ẹ wò ó pé owó Premium ju ti ìpolówó lọ lórí fídíò yẹn. Àwọn tó ń san owó oṣooṣù kì í rí ìpolówó rárá, bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí fídíò yín ni wọ́n fi ń pín nínú owó wọn fún yín. Kò sí olùpolówó kankan níbẹ̀ tí yóò yẹra, nítorí náà yẹ́lò kò ràn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí òǹwòran bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún yín, irú Super Thanks. Ìdí nìyí tí fídíò yẹ́lò kì í fi í wà ní òdo pátá.

Kí ẹ lè mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ lọ sí Analytics, ẹ ṣí Advanced mode, ẹ mú fídíò náà nìkan, kí ẹ wá fi Estimated monetized playbacks hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Views. Àkọ́kọ́ yẹn ni iye ìgbà tí ìpolówó, ó kéré tán ẹyọ kan, hàn lórí fídíò. Ẹ fi wé fídíò yín kan tó ní àwọ̀ ewé tó sì gùn bákan náà. Bó bá jẹ́ òdo tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, "no ads" ni ẹ wà. Bó bá wà ṣùgbọ́n tó kéré, "limited" ni. Bó bá sì tó ti tẹ́lẹ̀ tí owó ṣì kéré, kì í ṣe yẹ́lò ló jẹ owó yín, ẹ wo ibi tí àwọn òǹwòran yín wà àti ìgbà tí a wà nínú ọdún. Owó ìpolówó a máa já wálẹ̀ ní oṣù kìíní. Ẹ tún rántí pé owó nǹkan bí ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn kì í tíì hàn níbẹ̀, fídíò ọjọ́ mẹ́ta kò tíì sọ gbogbo ẹnu rẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé yẹ́lò ń jẹ́ kí YouTube dẹ́kun láti máa gbé fídíò fún èèyàn. Wọ́n ti sọ pé àmì owó kò sí lára ohun tí wọ́n ń wò fún ìyẹn, ìwò tèmi náà sì ń gòkè nígbà tó wà ní yẹ́lò. Èyí tó ń dá fídíò dúró ni òfin ọjọ́ orí, tí wọ́n bá ní ẹni tí kò pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wò ó. Ìyẹn ń dín ìwò kù, ó sì sábà máa ń mú yẹ́lò lọ́wọ́.

Níbi tí mo ti kùnà, àkókò ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wò ó, mo rò pé yóò yí padà fúnra rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo pààrọ̀ àwòrán náà sí ọwọ́ tí wọ́n ń da omi tútù sí, mo wá tẹ Request review. Ní ọjọ́ karùn-ún ó di àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn, ojú ọjà ti ń tú. 14,000 ìwò tó wọlé láàárín oṣù méjì tó tẹ̀ lé e fún mi ní nǹkan bíi dọ́là 27, ni gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 36 dípò 78. Wọn kì í san ti ẹ̀yìn padà. Owó ìwò tó bá kọjá ní yẹ́lò ti kọjá nìyẹn, kódà bí wọ́n bá gbà pé ẹ jàre.

Ẹ gbé ìka lé àmì yẹ́lò náà ní ojú ewé Content, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Request review. Èèyàn ni yóò wo fídíò náà, pẹ̀lú àkọlé, àwòrán àti àlàyé abẹ́ rẹ̀, ó sì lè gbà tó ọjọ́ méje. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ní. Ohun tí ẹni náà bá sọ ni abẹ gé. Nítorí náà, ẹ ṣàtúnṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àkọlé àti àwòrán rọrùn láti pààrọ̀, bó bá sì jẹ́ pé inú fídíò ni ohun náà wà, Editor inú Studio lè gé apá yẹn kúrò láìjẹ́ pé ìwò yín ṣòfò. Èmi fi ìbínú tẹ ti fídíò mi kan lórí májèlé láìyí nǹkan kan padà, ó ṣì wà ní yẹ́lò títí dòní, owó Premium nìkan ló kù tó ń kán sí i bí ìrì.

Ní báyìí, mi ò kì í ṣí fídíò fún gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń gbé e sí Private, mo á dáhùn àwọn ìbéèrè Ad suitability, tí wọ́n fi ń bi wá nípa ohun tó wà nínú fídíò, bó ṣe rí gan-an, mo á sì dúró kí àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Checks parí. Bó bá yọ yẹ́lò, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àyẹ̀wò, nígbà tí kò tíì sí ìwò kankan tó ń ṣòfò. Lóòótọ́, ẹni tí fídíò rẹ̀ jẹ́ ìròyìn tó gbóná kò lè dúró tó ọjọ́ méje.

Tiyín ṣì ń gbóná, ẹ ṣe é lálẹ́ òní: ẹ wo àkọlé àti àwòrán yẹn bí ẹni tó fẹ́ fi ọjà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ṣàtúnṣe, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí iye Estimated monetized playbacks yín, ẹ kọ ọ́ síbí kí a jọ wò ó.